Ìwé Tí Ọ̀gá Yín Máa Gbé Wọlé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ibi iṣẹ́ wá tààrà, ẹ kú ìrọ́jú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ.

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ láwọn ilé iṣẹ́ kan nílùú Èkó. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, mo jókòó léraléra nínú yàrá kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì wọ̀ rí. Ibẹ̀ ni ọ̀gá àgbà, olórí ìṣirò owó àti àwa ti ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ti máa ń pinnu ẹni tí owó oṣù rẹ̀ máa lé sí i lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Mánijà rẹ̀ ló ń wá, kò sì ní ju nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí mánijà tó fẹ́ràn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dénú, tí ẹnu rẹ̀ wọhò nígbà tí olórí ìṣirò owó bi í pé, "Kí ló ṣe tí àwọn yòókù kò ṣe? Èló ni wọ́n sì ń san fún irú iṣẹ́ yìí níta?" Gbogbo ohun tó rí sọ ni, "Ó ń gbìyànjú gan-an, sà." La bá kọjá sí orúkọ tó tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, nígbà tẹ́ ẹ bá ń bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀ owó oṣù, ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń parí. Alágbàwí yín ni. Ẹ ń múra sílẹ̀ fún un kó lè dáhùn ìbéèrè méjì yẹn níbi tí ẹ̀yin ò ní sí. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí dá lórí bí ẹ ṣe máa fi ìwé ojú kan ṣoṣo lé e lọ́wọ́, ìwé tó lè dá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ohun kan kúrò lọ́nà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu òṣìṣẹ́ ni pé owó ilé ti gòkè, owó ilé ìwé ọmọ ti gòkè, owó ọkọ̀ ti di ìlọ́po. Òótọ́ ni, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ọ̀wọ́n gógó náà kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ yín. Bí mánijà bá gbé e wọlé, ìdáhùn tó máa gbà ni pé, "Ṣebí gbogbo wa ni." Àfikún tó ń kárí gbogbo òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi ń dáhùn ọ̀wọ́n gógó, bí ìjọba àpapọ̀ ṣe gbé owó oṣù tó kéré jù lọ láti ₦30,000 sí ₦70,000 ní oṣù keje ọdún 2024. Ẹ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín jà fún ìyẹn. Ọ̀rọ̀ àfikún tiyín lọ́tọ̀ ni.

Ohun méjì ló ń gbé àfikún tiyín dìde, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀ síra. Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ di mú. Ẹ̀rí ọjà ń sọ iye tí irú iṣẹ́ yín ń lọ níta, láti ibi tó kéré dé ibi tó pọ̀. Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yín ló ń sọ ibi tó yẹ kẹ́ ẹ dúró sí láàárín iye méjèèjì. Bẹ́ ẹ bá mú ẹ̀rí ọjà nìkan wá, wọ́n á ní, "Àwọn tó mọ iṣẹ́ ni wọ́n ń san ìyẹn fún." Bẹ́ ẹ bá mú àkọsílẹ̀ nìkan wá, wọ́n á kan sáárá sí yín, wọ́n á fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kún un, nítorí kò sí ohun tó fi hàn wọ́n pé owó yín ti rẹlẹ̀ ju ti ọjà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú arábìnrin kan tí mo mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ti yí àwọn ohun tó lè jẹ́ kẹ́ ẹ dá a mọ̀ padà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tọ́pa owó tí àwọn oníbàárà jẹ ilé iṣẹ́ kan tó ń pín ọjà kiri láti Ìkẹjà, níbi témi náà wà ní ẹ̀ka òṣìṣẹ́ nígbà náà. Ọdún kẹta rẹ̀ rèé níbẹ̀. ₦320,000 ni wọ́n ń san fún un lóṣù, kí wọ́n tó yọ owó orí àti pẹ́ńṣọ̀n.

Ó yí ọjà po kó tó nájà. Fún oṣù kan gbáko, ó ń kó iye owó jọ. Ó wo ìpolówó iṣẹ́ lórí Jobberman àti LinkedIn, èyí tó bá kọ iye owó sí i nìkan, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kọ ju "owó tó jọjú" lọ. Ó wo MySalaryScale, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà fúnra wọn ti ń kọ ohun tí wọ́n ń gbà. Ó bi ẹni méjì tó ń bá ilé iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ léèrè. Àwọn yìí kì í fi iye pamọ́, torí wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n lè pè lọ́la. Ẹ̀yìn náà ló wá kan àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí.

Ìbéèrè tí ẹ máa bi irú àwọn yẹn gba ọgbọ́n. Bẹ́ ẹ bá bi Yorùbá pé èló lò ń gbà, ó lè má dá yín lóhùn, tàbí kó bù mọ́ ọn. Ohun tí arábìnrin yìí ń sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, bí ibi iṣẹ́ yín bá fẹ́ gba ẹni tó máa tọ́pa gbèsè, tó ti ní ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, ṣé ó máa tó ₦400,000 àbí kò ní tó?" Ìyẹn kì í ṣe owó ẹnikẹ́ni. Iye ipò ni, ó sì rọrùn fún èèyàn láti dáhùn pé, "Ó máa jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀."

Iye mọ́kànlá ló rí. Ó wá sọ mẹ́rin nù, mo sì gbóríyìn fún un ju bó ṣe kó wọn jọ lọ. Ọ̀kan jẹ́ ti ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì, ọjà tiwọn yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ àtilé tí wọ́n ń fi dọ́là san. Ọ̀kan jẹ́ ti ọdún 2022, kí náírà tó já, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ìyẹn ṣe mọ́. Ìkẹrin kò sọ bóyá owó tó wọ àkáǹtì ni tàbí owó kí wọ́n tó yọ nǹkan kúrò. Ibi tí àṣìṣe ti ń pọ̀ jù nìyẹn. Ẹlòmíì á gbọ́ pé ọ̀rẹ́ òun ń gba ₦350,000, á ní àwọn jọ ń gba iye kan náà ni, láìmọ̀ pé ohun tó ń wọ ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ìyẹn, nígbà tí tiẹ̀ jẹ́ iye orí ìwé.

Méje tó kù, ó tò wọ́n láti kékeré dé ńlá: ₦340,000, ₦380,000, ₦400,000, ₦430,000, ₦450,000, ₦480,000, ₦600,000. Kò pa wọ́n pọ̀ kó pín in. Ohun tó wà láàárín gan-an ló mú, ìyẹn ₦430,000, torí pé bó bá pa wọ́n pọ̀ kó tó pín in, ₦600,000 kan ṣoṣo yẹn máa fa gbogbo rẹ̀ sókè, olórí ìṣirò owó á sì rí i lójú ẹsẹ̀. Nǹkan bí ibi méje kò pọ̀. Ẹ má pè é ní ìwádìí ńlá. Ẹ pè é ní ibi méje, kẹ́ ẹ kọ irú ilé iṣẹ́ tó jẹ́ àti oṣù tẹ́ ẹ gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ má dárúkọ ẹni tó sọ ọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: ó lè jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá tò wọ́n tán, owó yín ni yóò ga jù ti àárín lọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi ẹ̀rí ọjà sílẹ̀ nílé, torí yóò ta kò yín. Ọ̀rọ̀ ìgbéga sí ipò tó ga jù ló yẹ kẹ́ ẹ bá ọ̀gá sọ, kì í ṣe ti owó lórí ipò kan náà.

Ó wá kan àkọsílẹ̀ iṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, arábìnrin yìí máa ń kọ ìlà mẹ́rin sínú ìwé kékeré kan: bí nǹkan ṣe wà tẹ́lẹ̀, ohun tí òun ṣe, bó ṣe rí báyìí, àti ìwé tàbí ẹni tó lè jẹ́rìí sí i. Kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tó fẹ́ béèrè owó kó tó máa rántí, ohun tó ṣe ní oṣù tó kọjá nìkan ló máa rántí. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má fi ìwé ilé iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín nítorí pé ẹ fẹ́ tọ́jú ẹ̀rí. Wọ́n ti lé èèyàn torí ẹ̀. Ẹ kọ iye àti ọjọ́, kẹ́ ẹ kọ ibi tí ìwé náà wà nínú ilé iṣẹ́, ó tó.

Ohun tó ṣe gan-an rèé. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, gbèsè tó ti kọjá ọgọ́ta ọjọ́ lọ́rùn àwọn oníbàárà jẹ́ mílíọ̀nù ₦41. Ní ìparí oṣù kẹjọ, ó ti wálẹ̀ sí mílíọ̀nù ₦17. Nígbà tó kọ́kọ́ fi ìwé rẹ̀ hàn mí, ohun tó kọ ni pé, "Mo gba mílíọ̀nù ₦24 padà fún ilé iṣẹ́." Mo ní kó jókòó ká tú u wò. Ìgbà yẹn ló hàn pé mílíọ̀nù mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ kì í ṣe gbèsè rárá. Àwọn oníbàárà ti san án sí báńkì tipẹ́, wọn ò kàn kọ orúkọ sí i, kò sì sí ẹni tó wá olówó rẹ̀ kàn. Òun ló wá a kàn. Iṣẹ́ ńlá ni, torí ó yọ àwọn oníbàárà rere kúrò nínú orúkọ ajigbèsè, ṣùgbọ́n kò mú kọ́bọ̀ wọlé. Mílíọ̀nù ₦15 tó kù ni owó tó wọlé lóòótọ́. Kódà, òun nìkan kọ́ ló gba ìyẹn: òun ló ń to gbèsè bó ṣe pẹ́ tó láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn olùtajà ló ń lọ gbà á.

Ẹ lè rò pé mo bu iṣẹ́ rẹ̀ kù. Rárá o. Olórí ìṣirò owó mọ ìtàn mílíọ̀nù mẹ́sàn-án yẹn. Bó bá rí mílíọ̀nù ₦24 lórí ìwé, kò ní gba ìlà kankan gbọ́ mọ́ níbẹ̀. Nígbà tó wá rí i pé ó pín in sí méjì, tó sì kọ "pẹ̀lú àwọn olùtajà" sí ìdí èkejì, ńṣe ló gba gbogbo rẹ̀ gbọ́.

Ó ku bí ẹ ṣe máa sọ iṣẹ́ di owó. Ilé iṣẹ́ náà ń yá owó lọ́wọ́ báńkì láti fi ra ọjà, èlé rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Kò yani lẹ́nu, nítorí iye tí Báńkì Àpapọ̀ fi ń darí èlé nígbà náà jẹ́ 27.5 títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, tó wálẹ̀ sí 27. Mílíọ̀nù ₦15 tí kò sí níta mọ́ jẹ́ mílíọ̀nù ₦15 tí ilé iṣẹ́ kò ní láti yá. Bí gbèsè náà bá dúró bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan, èlé tó kúrò lọ́rùn wọn á tó mílíọ̀nù ₦4.5. Ẹ má wá sọ pé, "Mo mú mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ wọlé, ẹ fún mi nínú ẹ̀." Kò sí ilé iṣẹ́ tó ń san owó oṣù báyẹn. Ohun tí iye yẹn ń fi hàn ni pé iṣẹ́ yìí ti kọjá ti akọ̀wé tó kàn ń kọ ẹni tó jẹ àti ẹni tó san.

Ìwé rẹ̀ kò kọjá ojú kan. Lókè, ohun tó ń béèrè: ₦460,000 lóṣù láti oṣù kìíní ọdún 2026. Lẹ́yìn ìyẹn, iye méje tó wá láti ọjà. Ní ìsàlẹ̀, iṣẹ́ mẹ́ta péré pẹ̀lú iye àti ẹlẹ́rìí. Ogún iṣẹ́ ló wà nínú ìwé kékeré rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Kí ló dé tó jẹ́ ₦460,000? Ó ga ju ti àárín lọ díẹ̀, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì lè gbé e dé ibẹ̀. Kò kọjá ₦480,000, tó jẹ́ ibi tí mánijà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti pinnu pé bí kò bá tó ₦400,000, òun máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ mìíràn láìpariwo. Kò kọ ìyẹn sórí ìwé.

Ìgbà tó lọ náà ṣe pàtàkì. Ọdún ìṣirò owó wọn ń parí ní oṣù kejìlá, wọ́n sì ń to bájẹ́ẹ̀tì ní oṣù kẹwàá. Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó bá dúró di oṣù kìíní, wọ́n ti pín owó tán kó tó la ẹnu. Ó fi ímeèlì ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kò dá a dúró lójú ọ̀nà: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ kẹ́ ẹ yọ̀ǹda ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ká lè sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mi àti owó oṣù mi kí wọ́n tó ti bájẹ́ẹ̀tì."

Nínú yàrá, ó kí i bó ṣe yẹ kí ọmọ Yorùbá kí àgbà. Ó dúpẹ́ fún ohun tó ti kọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó wá sọ iye náà, ó sì dákẹ́. Àwọn kan ń rò pé bíbọ̀wọ̀ fún àgbà ni kéèyàn máa yí ọ̀rọ̀ po, kó ní, "Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá rí fún mi, sà." Ìkúnlẹ̀ kò ní kéèyàn gbé iye tó fẹ́ mì. Bẹ́ ẹ bá ti ní ohunkóhun tẹ́ ẹ bá rí, ohun tí wọ́n rí náà ni wọ́n máa fún yín.

Ọ̀gá náà wo ìwé. "₦460,000? Ta ló ń gba irú owó yìí?"

"Ẹ wo àárín ìwé yẹn, sà. Ibi méje ni. Ẹni tó kéré jù ń gba ₦340,000, ẹni tó wà láàárín ń gba ₦430,000. Mo wà lábẹ́ gbogbo wọn."

"Owó ò sí lọ́dún tó ń bọ̀ o. Ìwọ náà mọ̀."

Ìdáhùn tó fún un ló ṣí ọ̀nà. Ó ní, "Mo gbọ́, sà. Ṣé owó ni kò sí, àbí ipele tí mo wà ni kò gbà á?"

Ìbéèrè yẹn tó kẹ́ ẹ há a sórí. Bó bá jẹ́ owó ni kò sí, ohun tẹ́ ẹ máa béèrè ni ìgbà tó máa wà àti ìwé tó máa sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ipele, ìyẹn ni pé owó wà ṣùgbọ́n òpin ti dé lórí ipele yín, ìgbéga sí ipele tó kàn ló kù. Ọ̀gá náà ronú, ó ní, "Ipele ni, lóòótọ́. ₦350,000 ni òpin ibi tó o wà." Láti ìgbà yẹn, àwọn méjèèjì ti wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa gbé e lọ sí ipele tó kàn.

Kó tó jáde, ọ̀gá bi í pé, "Ṣé ẹnì kan ti pè ẹ́ níta ni?" Kò sí ẹni tó pè é, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má purọ́ lórí èyí. Àwọn tó ń ṣe ìṣirò owó nílùú Èkó mọ ara wọn, ìpè kan ló máa tú u. Bẹ́ ẹ bá sì ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ lóòótọ́, ẹ dárúkọ rẹ̀ ní ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán láti lọ, torí wọ́n lè ní kẹ́ ẹ máa lọ.

Gbogbo èyí kò lè ṣiṣẹ́ níbi tí ilé iṣẹ́ ti ń kú lọ. Kẹ́ ẹ tó kọ ìwé kankan, ẹ wo àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n yín. Òfin pẹ́ńṣọ̀n ọdún 2014 ní kí ilé iṣẹ́ fi owó náà ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n bá ti san owó oṣù. Bí oṣù mẹ́rin bá ti kọjá tí kò sí ohun tó wọlé, owó ni wọn kò ní, ibòmíràn ló yẹ kẹ́ ẹ gbé àkọsílẹ̀ yín lọ.

Nínú yàrá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mánijà rẹ̀ gbé ìwé náà sórí tábìlì. Olórí ìṣirò owó kà á fúnra rẹ̀. Wọ́n gbé e sí ipele tó kàn pẹ̀lú ₦410,000, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n máa tún un wò ní oṣù keje bí gbèsè tó kọjá ọgọ́ta ọjọ́ kò bá ju mílíọ̀nù ₦20 lọ. Àfikún ₦90,000 nìyẹn. Kò bá a lójijì pé kì í ṣe ₦90,000 ló máa dé ọwọ́ rẹ̀. Nínú òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2026, ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà lórí apá ibi tí àfikún rẹ̀ bọ́ sí. Bẹ́ ẹ bá yọ ìdá mẹ́jọ ti pẹ́ńṣọ̀n, kẹ́ ẹ tó yọ owó orí, nǹkan bí ₦67,900 ló kù.

Nígbà tí lẹ́tà dé, ó kà á kó tó fọwọ́ sí i. ₦30,000 ni wọ́n fi kún bésíìkì, wọ́n da ₦60,000 sínú ohun tí wọ́n pè ní owó àǹfààní mìíràn. Ní ilé iṣẹ́ náà, orí bésíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ti ń ṣírò pẹ́ńṣọ̀n, ìdá mẹ́jọ látọwọ́ òṣìṣẹ́, ìdá mẹ́wàá látọwọ́ ilé iṣẹ́. Bó bá gbà á bẹ́ẹ̀, ₦6,000 tó yẹ kí ilé iṣẹ́ máa fi kún àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ lóṣooṣù kò ní wọlé. Owó ìsinmi ọdọọdún tí wọ́n ń ṣírò lórí bésíìkì náà máa kéré. Ọ̀dọ̀ mi ló mú lẹ́tà náà wá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ lè bá mi kó ₦60,000 yìí sínú àwọn mẹ́ta yẹn?" Mo gbé e padà sọ́dọ̀ olórí ìṣirò owó. Ó gbà. A tẹ lẹ́tà mìíràn ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó sì fọwọ́ sí i.